Igba Lẹ́tà Láìsí Ìkíni

Igba lẹ́tà ni wọ́n fún mi. Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ wà nínú kíkà, àmì ìdánudúró náà wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá sanwó fún ìkànnì àwọn oníṣẹ́ yẹn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tó bá fẹ́ bẹ ẹni tí kò mọ̀ rí pé kó jẹ́ kí àwọn so pọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà á láyè láti kọ lóṣù kan. Ó ku ẹyọ kan fún mi lóṣù náà. Àwọn tó kù ni mo ti fi ṣòfò sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá kan ní Èkó tí wọn ò dá mi lóhùn, n ò sì bínú sí wọn, nítorí ìkíni àti ẹ̀bẹ̀ nìkan ló kún inú ohun tí mo kọ sí wọn.

Iṣẹ́ tí mo ń wá yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń wá nítorí àtijẹ nìkan. Ilé iṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe sítáàṣì ló ń wá ẹni tí yóò máa bójú tó àwọn àgbẹ̀ tó ń tà á fún wọn ní agbègbè Yewa. Ìlaròó ni ẹni náà yóò máa gbé. Ìlaròó nílé wa, ibẹ̀ sì ni bàbá mi wà, tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ìyá mi ti di olóògbé. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì ti fìdí kalẹ̀ sí Kútọnu, wọ́n ní ìyàwó tó ń sọ Faransé, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń yọjú. Èmi ló kù. Iṣẹ́ àdéhùn tí mo fi ọdún mẹ́rin ṣe láàárín àwọn àgbẹ̀ Ajilete ti fẹ́ parí, ilé iṣẹ́ oúnjẹ adìyẹ kan ní Ìkòròdú sì ti ní kí n máa bọ̀. Bí n kò bá rí ti ẹ̀gẹ́ yìí, Ìkòròdú ni mò ń lọ, bàbá mi yóò sì máa dá gbé. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà kò jù bẹ́ẹ̀.

Mo ti fi ìwé ìwáṣẹ́ mi ránṣẹ́ sórí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe ní ká ṣe. Ṣùgbọ́n mo mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Ìwé ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn ló ń dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba òṣìṣẹ́, àwọn yẹn ò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó mọ oko àti ẹni tó mọ orúkọ oko. Ẹni tó yẹ kí n rí ni ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ tuntun náà yóò wà lábẹ́ rẹ̀, ẹni tí wàhálà iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kó sùn lóru. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo wá a títí mo fi rí i: obìnrin kan, olórí ẹ̀ka tó ń kó ẹ̀gẹ́ wọlé fún wọn, ojú rẹ̀ le díẹ̀ nínú àwòrán.

Ohun tí n óò sọ fún un wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ akẹ́rù wọn máa ń wá kó ẹ̀gẹ́ ní Ajilete ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì kì í yẹ̀ ní tiwọn. Ọjà tiwa ńkọ́? Ọrọọrún la ń ná an, kò mọ ọjọ́ Ẹtì yàtọ̀ sí ọjọ́ Ajé. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣe kòńgẹ́ ọjọ́ ọjà, kò ní bá ẹni tí yóò fa ẹ̀gẹ́ tu lóko. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, wọ́n á ti fà á tu sílẹ̀ ṣáájú ọjà, á ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú oòrùn, inú rẹ̀ á ti máa dúdú kó tó dé ilé iṣẹ́. Àwọn ará ilé iṣẹ́ á ní ọ̀lẹ làwọn àgbẹ̀ Yewa. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń bí mi nínú.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni mo kọ ọ́, lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi níwájú ilé. Mo kọ, mo gé, mo tún kọ. Òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n bàbá mi ní kí n ka ohun tí mò ń bá jà látàárọ̀ fún òun, mo sì túmọ̀ rẹ̀:

“Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bá àwọn àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ṣiṣẹ́ ní Ajilete. Ọjọ́ Ẹtì yín ń kọlu ọjọ́ ọjà wọn, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gẹ́ fi ń bàjẹ́. Mo ti kọ̀wé fún iṣẹ́ alábòójútó Yewa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká so pọ̀.”

Bàbá mi dúró kí n máa bá a lọ.

“Ó tán,” ni mo wí.

“Ó tán báwo? Ìkíni ńkọ́?”

“Kò sí àyè ìkíni, Bàbá. Igba lẹ́tà péré ni.”

“Ọmọ ta lo ní o jẹ́?”

“N ò sọ.”

Ó yí ojú sí mi, tòun ti ẹnu rẹ̀ tó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. “O wọlé onílé, o ò kan ilẹ̀kùn, o ò kí i, o ò sọ ilé tó o ti wá, o kàn sọ fún un pé ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná.”

“Òótọ́ kúkú ni, ọbẹ̀ rẹ̀ ń jóná.”

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn sí i. Ó ní kí n fi àwòrán obìnrin náà han òun. Ó wò ó, ó ní kí n ka orúkọ bàbá rẹ̀. Nígbà tí mo kà á, ó lu itan rẹ̀ tó ṣì dáa. Ó ní òun mọ ilé náà, Òkè-Ọ̀dàn ni, ìyá ọmọ yìí ló máa ń ra epo lọ́wọ́ ìyá òun nígbà kan, ìyá ọmọ náà ṣì wà láyé. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ẹni báyìí ni mí, kí n sì béèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀.

Mo ní rárá. Ìbínú díẹ̀ wà nínú ohùn mi. Mo ní mo fẹ́ kí wọ́n gbà mí nítorí ohun tí mo mọ̀, kì í ṣe nítorí epo tí ìyá ẹnì kan tà fún ìyá ẹnì kan. Ó ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Mo ní obì kò wọ inú igba lẹ́tà. Mo mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ náà kò yẹ láti ẹnu ọmọ sí bàbá, àmọ́ mo ti sọ ọ́.

Mo tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Téèyàn bá ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, kò lè tún un ṣe mọ́. Bó bá sì gba ìbéèrè náà padà, yóò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó lè tún béèrè lọ́dọ̀ ẹni yẹn, bẹ́ẹ̀ wọ́n máa ti ilẹ̀kùn ìwáṣẹ́ náà lópin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ìkànnì náà kọ ọ́ sí i pé kò tíì sí èsì.

Kò sí èsì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kò sí lọ́jọ́rú. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé fóònù ni bàbá mi máa ń wò mí, á béèrè pé, “Ó ti dáhùn?” Nígbà tó di àṣálẹ́ ọjọ́rú, ó ní, “Mo sọ fún ẹ. Ó ń bínú ni. Ta ni ò ní bínú?” Mo ní àwọn ọ̀gá kì í ráyè wo ibẹ̀ lójoojúmọ́. N kò mọ̀ pé ó ti pinnu nǹkan kan lọ́kàn rẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀, mo lọ sí Ajilete láti lọ kó àwọn ìwé iṣẹ́ wa tó kù. Agogo méjìlá kò tíì lù tí fóònù mi fi dún. Obìnrin náà ti gbà. Ìwé kékeré mi wà lókè bí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láàárín wa, tirẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Ó ní ọdún méjì lòun ti ń béèrè ìdí tí ẹ̀gẹ́ Ajilete fi ń bàjẹ́, kò sẹ́ni tó sọ ọ̀rọ̀ ọjà fún òun rí. Ó ní òun ti wá ìwé ìwáṣẹ́ mi jáde, òun sì ti ní kí wọ́n fi orúkọ mi sára àwọn tí wọ́n máa pè. Ó ní òun fúnra òun ni yóò wà lórí àga níbẹ̀, lára àwọn tí yóò yẹ̀ mí wò, kí n múra láti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Mo kà á lórí ìdúró ní ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ wa. Inú mi dùn débi pé mo sọ fún àgbẹ̀ tó wà nítòsí pé kó bá mi yọ̀, ó sì yọ̀ láìbéèrè ìdí.

Nígbà tí mo délé, bàbá mi kò sí níwájú ilé. Àga rẹ̀ ṣófo. Láti ìgbà tí àìsàn náà ti dé, kò kọjá ilé ìwòsàn àti ẹ̀yìnkùlé rí. Mo ń sáré kiri àdúgbò nígbà tí ọ̀kadà kan gbé e dé, ó gbá ọlọ́kadà mú pẹ̀lú ọwọ́ kan, igi ìtilẹ̀ rẹ̀ wà lábíyá, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ó ti dáhùn, àbí kò tíì dáhùn?”

“Ó ti dáhùn, Bàbá. Níbo lẹ lọ?”

“Ṣé o rí i!” ni ó wí. “Ṣé o rí i!”

Ó ti lọ sí Òkè-Ọ̀dàn. Ó ti ní kí ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ oko bá òun wa iṣu mẹ́fà nínú ebè ẹ̀yìnkùlé, àwọn tó dáa jù, ó sì ti dì wọ́n mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ó ti jókòó sórí ọ̀kadà lójú ọ̀nà gbágungbàgun yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tí kò gbọ́ràn, ó ti bá ìyá obìnrin náà nílé. Ó ní òun sọ fún un pé ọmọ òun kọ̀wé sí ọmọ rẹ̀, kò sì kí i, kí wọ́n má bínú, ìwé òde òní ni kò fún un láyè, kì í ṣe pé a kò tọ́ ọ. Ó ní ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó rántí ìyá òun, ó fún òun ní omi tútù. Ó ní ó ṣèlérí pé òun á pe ọmọ náà lórí fóònù lójú ẹsẹ̀.

N kò sọ fún un pé ọmọ náà ti dáhùn kó tó débẹ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ tirẹ̀. Mo sì ti kàwé tó láti mọ̀ pé nǹkan kan lè bàjẹ́, ṣùgbọ́n mo sọ fún ara mi pé iṣu lásán ni, láàárín ilé sí ilé.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé. Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, Yorùbá ló sì fi kọ èyí. Mo rántí rẹ̀ dáadáa.

Ó ní ìyá òun pe òun. Ó ní bí òun bá jẹ́ ọmọ ilé nìkan ni, òun ìbá dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin kí bàbá mi. Ṣùgbọ́n ní ilé iṣẹ́ àwọn, bí ẹnikẹ́ni láti ilé ẹni tó ń wáṣẹ́ bá mú ẹ̀bùn wá fún ẹni tó ní ọwọ́ nínú ìgbaniṣíṣẹ́ tàbí fún ará ilé rẹ̀, òṣìṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún ilé iṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ dá ẹ̀bùn náà padà, òṣìṣẹ́ náà kò sì gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ ẹni náà wò. Ó ní òun ti sọ ọ́. Ó ní wọn ò yọ orúkọ mi, ṣùgbọ́n òun kò ní sí lórí àga, òun kò sì lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa mi. Ó wá kọ ọ́ pé, “Ìyá mi ń sunkún nígbà tí mo ní kí wọ́n dá iṣu náà padà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí wọ́n gbé e wá?”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ wá mọ ohun tí iṣu tí wọ́n dá padà jẹ́. Ẹni tó bá dá ẹ̀bùn padà sọ fún olúwarẹ̀ pé òun ò fẹ́ ojú rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá já iṣu mẹ́fà náà sílẹ̀ níwájú àga bàbá mi, gbogbo àdúgbò á rí i, òun náà á sì dá iṣu rẹ̀ mọ̀. Mo dá a lóhùn pé kí wọ́n fi rán awakọ̀ sí gáréèjì Ìlaròó, n óò dúró dè é. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe tí kò dáa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo gbà á. Àpò kan náà ni wọ́n fi dì í, okùn bàbá mi ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. N kò lè gbé e lọ sílé. N kò lè tà á, n kò sì lè fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ, ọ̀rọ̀ máa ń rìn. Mo gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ wa ní Ajilete, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi títí di ìparí oṣù. Sítóòfù kékeré kan wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ tí mo bá lọ ni mo ń se díẹ̀ nínú rẹ̀, tí mo ń fi epo àti iyọ̀ jẹ ẹ́, lémi nìkan, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Ojú ń tì mí, inú ń bí mi sí bàbá mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, gbogbo rẹ̀ nígbà kan náà. Mo jẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tán.

Wọ́n yẹ̀ mí wò lórí fóònù, ọkùnrin méjì tí n kò rí rí. Mo gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ ọjà. Ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀ka míì ló ni ìyẹn, kí n jẹ́ ká lọ sórí ìbéèrè tó kàn. Mo mọ̀ níbẹ̀ pé ó ti parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìwé dé pé wọ́n dúpẹ́ pé mo kọ̀wé sí àwọn, wọ́n ti mú ẹlòmíì. Mo sọ fún bàbá mi pé wọn ò mú mi. Ó béèrè pé kí ló dé. Mo ní àwa tá a wá iṣẹ́ náà pọ̀. Irọ́ kékeré ni, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò parí sí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ sí Ìkòròdú, mo ti di ẹrù mi, mo ti bá obìnrin tí yóò máa wá se oúnjẹ fún un sọ̀rọ̀. Bàbá mi jókòó, ó wọ agbádá kékeré tó máa ń wọ̀ bó bá fẹ́ jáde.

“Bó o bá ti lọ,” ni ó wí, “màá pe ọlọ́kadà yẹn. Mo fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ọmọ yẹn ní Òkè-Ọ̀dàn. Kò bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ gbìyànjú. A kì í torí pé ọ̀rọ̀ kò yọrí ká má dúpẹ́.”

Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Mo rí i lọ́kàn mi tó ń sọ̀kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, mo rí ìyá àgbà náà tí kò mọ ibi tí yóò fi ojú sí. Mo gbé àpò sílẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: òfin ilé iṣẹ́ náà, àga tí obìnrin náà dìde lórí rẹ̀, gáréèjì. Mo sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo ní kò sí ẹni tó bínú sí i, òfin ni. N kò mọ èwo nínú rẹ̀ ló gbọ́.



“Wọ́n dá iṣu mi padà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Ṣé inú rẹ̀ ti bàjẹ́ ni?”

“Rárá. Ó dáa. Ó funfun, kò sí ibi kankan tó rà nínú rẹ̀.”

“Báwo lo ṣe mọ̀?”

“Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ní Ajilete. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí i.”

Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sórí itan, bó ṣe máa ń ṣe bó bá rẹ̀ ẹ́. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú, mo sì ti múra sílẹ̀ fún ẹkún. Èyí tó sọ ni n kò múra sílẹ̀ fún, òun ni mo sì gbé dé Ìkòròdú.

“O ò bá ti gbé e wálé,” ni ó wí, “ká jọ jẹ ẹ́.”